Kápúsù gíríìn tíì, ìtọ̀ dúdú, ojú pípọ́n: ṣé òun ló fà á?

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń lo kápúsù gíríìn tíì kan láti fi dín ikùn kù, ọ̀sẹ̀ kẹfà rè é. Láti ọjọ́ mẹ́rin ni ìtọ̀ mi ti dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé ewé sínú ẹ̀. Ara ń yún mi lóru, oúnjẹ kò wù mí. Lánàá ni ọmọ mi ní ojú mi pọ́n. Ṣé kápúsù yìí lè fà á? Ṣé kí n dá a dúró, àbí kí n parí èyí tó kù nínú ìgò?

Títí_Sùúrùlérè
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, èwo gan-an lẹ ń lò? Ṣé ikùn yẹn ń lọ? Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo bímọ, kò sí aṣọ tó wọ̀ mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́mbà ẹni tó tà á fún yín ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà
Títí, fara balẹ̀ kà á, ara rẹ̀ kò yá ló ń sọ. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìyẹn. Wá èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó àti ewé ìbẹ́pẹ, fi omi ògì sè wọ́n, kí o máa mu ife kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ojú yẹn á mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún bàbá àwọn ìbejì.

Apòògùn_Bódìjà
Àbẹ̀kẹ́, dá a dúró lónìí. Má lo ìyókù. Má sì da ìgò náà nù, a óò nílò rẹ̀. Lọ sí ilé ìwòsàn lónìí tàbí lówùúrọ̀ ọ̀la, kí o sọ fún dókítà pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ pátápátá: ALT, AST, ALP, bilirúbíìnì, àti INR. Má jẹ́ kí wọ́n yọ INR kúrò nítorí owó. Àwọn yòókù ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe fara pa tó. INR ló ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Bí oorun àìmọ̀dí bá ń kùn ọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú mọ́ ọ lẹ́nu, bí o bá ń bì láìdúró tàbí tí eyín rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, má dúró de ọ̀la. Òru náà ni kí wọ́n gbé ọ lọ.

Ìyá wa, ẹ kú àánú. Orúkọ tí ẹ pè é bá a mu, torí ojú pọ́n, ìtọ̀ sì pọ́n. Ṣùgbọ́n àmì ni orúkọ yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú B, tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì, ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro, ó lè jẹ́ ibà tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè jẹ́ oògùn. Bí a bá fi àgbo lé ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn lórí báyìí, a kò ní mọ èyí tó ń pa á lára mọ́. Kò gbọ́dọ̀ mu àgbo kankan, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, kò sì gbọ́dọ̀ lo parasítámọ́ọ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ti rí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ní kó lò ó.

Délé_Pẹ́kámù
Ẹ̀gbọ́n, èmi ò rò pé gíríìn tíì lẹ̀bi. Tíì ni, kì í ṣe májèlé. Mọ́mì mi níbí ń mu ago mẹ́rin lójúmọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá, ẹ̀dọ̀ wọn le koko. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi pamọ́ sínú ẹ̀ ló ń pààyàn. Bí kápúsù bá jẹ́ ojúlówó, kò léwu.

Apòògùn_Bódìjà
Délé, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ ń bọ̀ wá. Ago tíì tí mọ́mì ń mu kò léwu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kápúsù kì í ṣe ago tíì.

Oje kíkorò kan wà nínú ewé yẹn tí wọ́n ń pè ní EGCG. Àwọn tó ń mu gíríìn tíì ní Yúróòpù máa ń rí bíi 90 sí 300 mílígíráàmù rẹ̀ lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú omi púpọ̀. Àwọn tó ń ṣe kápúsù máa ń fa oje yẹn jáde, wọ́n á gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, ohun tó wà nínú ago púpọ̀ á wá wọ inú kápúsù kan. Ní 2018, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n ní bí ẹni tó ń lo kápúsù bá ti dé 800 mílígíráàmù EGCG lóòjọ́, àmì ìpalára ẹ̀dọ̀ máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ pé ohun tí ènìyàn yóò lò lóòjọ́ gbọ́dọ̀ dín sí 800, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò pé a kì í lò ó lórí ikùn òfìfo. Ìyẹn kò sì sọ pé 700 kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Wọn kò rí iye kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n ti kó kápúsù gíríìn tíì kan tó ń jẹ́ Ẹsolíìsì kúrò lórí àtẹ ní Faransé àti Sípéènì nítorí ẹ̀dọ̀. Kò sí oògùn ìkọ̀kọ̀ kankan tí wọ́n ń bá a jà lé lórí, oje tíì náà ni.

Àbẹ̀kẹ́, jọ̀wọ́ bá wa ka ohun tó wà lára ìgò. Báwo lo ṣe ń lò ó?

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Ẹ ṣé, sà. Mo ti dá a dúró. Àǹtí mi yóò bá mi lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọ̀la.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni oje gíríìn tíì 500 mílígíráàmù nínú kápúsù kan, EGCG 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún kọ kaféènì síbẹ̀ láìsọ iye, àti "ewé àdáyébá mìíràn". Méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lò ó kí n tó jẹun, ó ní ìgbà yẹn ló ń yọ́ ọ̀rá jù. Mo sì ń gbààwẹ̀, aago kan ọ̀sán ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹun.

Nǹkan mìíràn tí n kò sọ: láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni àyà mi ti ń lù kìkì. Ẹnu mi ń gbẹ, n kì í sùn títí aago mẹ́ta òru. Ebi kì í pa mí rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Apòògùn_Bódìjà
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kápúsù mẹ́rin lọ́nà 500, 2,000 mílígíráàmù oje nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ ni EGCG, ó jẹ́ 1,000 lójúmọ́. Ìyẹn bí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bá jẹ́ òótọ́.

Ikùn òfìfo yẹn ló sì mú un burú sí i. Bí oúnjẹ bá wà nínú, ìwọ̀nba EGCG ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ikùn bá ṣófo, ohun tó ń wọlé pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìmọ̀ràn tí ẹni tó tà á gbà ọ́ ni òdì ohun tí òfin Yúróòpù ní kí wọ́n kọ sára ìgò.

Délé, wò ó báyìí: ní ìpínlẹ̀ Minesótà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní kápúsù fún ọdún kan gbáko. Ìdajì wọn gba gíríìn tíì tó ní bíi 840 mílígíráàmù EGCG lóòjọ́, ìdajì gba kápúsù òfìfo. Ojúlówó ni, ilé ìwádìí ló ṣètò rẹ̀, kò sí àdàlù. Nínú àwọn tó lo tíì, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ALT wọn gòkè. Nínú àwọn tó lo òfìfo, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ nǹkan kan lára, wọ́n dá a dúró, ó sì lọ sílẹ̀. Nítorí náà ojúlówó pẹ̀lú ń ṣe é. Kì í kàn ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe.

Délé_Pẹ́kámù
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ àwọn kan ló ń mú?

Apòògùn_Bódìjà
Àbùdá ara wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kápúsù gíríìn tíì ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ wò, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àmì àjogúnbá kan, HLA-B*35:01, tí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Àmì kan náà ni wọ́n tún rí lára àwọn tí kápúsù àtalẹ̀ pupa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àmì náà ló ń lo tíì tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, àwọn kan kò sì ní in tí ó ṣe wọ́n. Nítorí náà n kò lè sọ pé kí ènìyàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ra kápúsù. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò mọ́ láéláé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í sábà pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ kó tó yọjú.

Ọmọ_Láàbù_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àyà tó ń lù kìkì. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ EGCG. Kaféènì lè ṣe é bó bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu gbígbẹ, àìsùn, kí ebi má pani rárá, kí àyà máa sáré, gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó jọ síbútíráámìnì gan-an.

Oògùn gidi ni síbútíráámìnì tẹ́lẹ̀, dókítà ló ń kọ ọ́ fún àwọn tó sanra jù. Wọ́n wá fi dán nǹkan bíi 10,000 ènìyàn tó ní àìsàn ọkàn tàbí tó súnmọ́ ọn wò, wọ́n rí i pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Ní 2010 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà á kúrò lọ́jà. Ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyẹ̀fun rẹ̀ ti ń wọ inú kápúsù "ewé àdáyébá". Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ka àwọn àfikún oúnjẹ tí wọ́n bá oògùn ìkọ̀kọ̀ nínú wọn láti 2007 dé 2016. Ó jẹ́ 776. Nínú wọn, 317 jẹ́ ti ìfọ́ra, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, 269 nínú 317 yẹn ló sì ní síbútíráámìnì.

Ìdí rèé tó fi máa ń jọ pé ewé náà "ń ṣiṣẹ́". Tíì kì í pa ebi tó bẹ́ẹ̀.

Bùrọ̀dá_Hiútìn
Ohun tí Ọmọ_Láàbù sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní kápúsù kan níbí, ó ní láti ilé ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá mo jò kílò mẹ́rin. N kò sùn. Ìfúnpá mi tó máa ń wà ní 130 lórí 80 di 178 lórí 104. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa béèrè ohun tí mo ń lò, mo ní ewé ni. Ó ní kí n ka orúkọ rẹ̀ fún òun, ó tẹ̀ ẹ́ sójú òpó FDA, orúkọ yẹn gan-an jáde. Síbútíráámìnì. Mo dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ìfúnpá mi padà sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tèmi kò ní nǹkan kan o, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Apòògùn_Bódìjà
Kókó kan nìyẹn, Bùrọ̀dá. Ọkàn àti ìfúnpá ni síbútíráámìnì máa ń bá jà, a kì í sábà rí i níbi ẹ̀dọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àyà Àbẹ̀kẹ́ tó ń lù kìkì jẹ́ ti ohun kan tí wọ́n kò kọ sára ìgò, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti tíì tí wọ́n kọ gbangba. Ohun méjì nínú kápúsù kan. Bí láàbù bá wá sọ pé kò sí síbútíráámìnì nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kápúsù náà mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà
Ẹ̀yin ọmọ mi, a gbọ́ ọ nígbà kan pé bí a bá tú kápúsù sínú omi eérú, tó bá pọ́n, àdàlù ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_Láàbù_Abẹ́òkúta
Ìyá wa, ẹni tó sọ ọ́ fún yín ti gbọ́ nǹkan kan. Oògùn ìgbẹ́ àtijọ́ kan wà, fẹnọftalíìnì, tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ sínú kápúsù ìfọ́ra kí ènìyàn lè rò pé ọ̀rá ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Ní 1999 ni Amẹ́ríkà lé e kúrò nínú oògùn ìgbẹ́ nítorí ẹ̀rù jẹjẹrẹ. Òun náà la fi ń mọ omi tó kan àti omi oníkáńún nínú láàbù. Nínú omi eérú ó máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti òdòdó olóòórùn dídùn kan, ó mọ́ kedere.

Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tíì fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n nínú omi eérú, ó máa ń pupa bí igi, ó tún ń dúdú lọ. Zóbò á di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò rí i rí kò ní mọ ìyàtọ̀. Síbútíráámìnì kì í yí àwọ̀ padà rárá. Nítorí náà bí kò bá pọ́n, kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń wá a, èyí tó ń pín oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń wọn ìwúwo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn láàbù kékeré bíi tiwa kò ní in.

Ìfọ́ra_Pẹ̀lú_Bísí
Ẹ má bínú o, ẹ ti ń ba ọjà àwọn ènìyàn jẹ́. Èmi ń ta irú kápúsù yìí láti 2021. Mo ní oníbàárà tó lé ní igba. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n. Nọ́mbà NAFDAC wà lára tèmi. Àwọn tó bá ní àìsàn tẹ́lẹ̀ ló ń ṣe.

Apòògùn_Bódìjà
Àǹtí Bísí, n kò sọ pé ẹ ń purọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ débi tí ojú fi ń pọ́n, igba oníbàárà lè kọjá tí ẹ kò ní rí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ilé àgbo tàbí ilé ìwòsàn ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè kápúsù.

Lórí nọ́mbà: ẹ wo ara ìgò yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọjà ewé tí NAFDAC fọwọ́ sí ni ẹ ó rí ọ̀rọ̀ lára wọn pé NAFDAC kò yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ sì tẹ orúkọ rẹ̀ wò ní greenbook.nafdac.gov.ng. Orúkọ ọjà, ẹni tó ṣe é, àti nọ́mbà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Mo ti rí ìgò kan tí nọ́mbà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti omi inú ọ̀rá.

Ìfọ́ra_Pẹ̀lú_Bísí
Màá wò ó. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ẹ ń sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Ẹ káàsán. Wọ́n ti dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Èsì rèé, ẹ bá mi kà á, dókítà ń kánjú:

ALT 1,240, wọ́n ní kò yẹ kó ju 40 lọ.
AST 910.
ALP 132, kò yẹ kó ju 120 lọ.
Bilirúbíìnì 96, kò yẹ kó ju 20 lọ.
INR 1.3.
Mẹ́dọ̀wú B kò sí, C kò sí, A kò sí. Ibà kò sí. Wọ́n ya àwòrán ikùn, òróòro mọ́.

Apòògùn_Bódìjà
O ṣeun tó o kọ ọ́ báyìí. ALT rẹ jẹ́ ìlọ́po 31 ohun tó yẹ. ALP kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Ìyẹn ń sọ pé ara ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń bàjẹ́, kì í ṣe pé ọ̀nà òróòro dí. Bí ti gíríìn tíì ṣe máa ń rí nìyẹn: ó ń jọ mẹ́dọ̀wú tí kòkòrò ń fà pátápátá, ó sì sábà máa ń yọjú láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

N kò ní fi bò fún ọ. Nígbà tí oògùn bá gbé ALT sókè báyìí, tí ojú sì pọ́n pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń burú débi ikú tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Mẹ́sàn-án yòókù máa ń yá. Ìdí tí wọ́n fi dá ọ dúró nìyẹn, ohun tó yẹ ni wọ́n sì ṣe. INR 1.3 ga díẹ̀, kò tíì dé 1.5 tó ń dẹ́rù bani. Kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́la àti lọ́tùn-únla. Bí ALT bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí INR sì ń sọ̀ kalẹ̀, inú wa á dùn. Bí ALT bá ń sọ̀ kalẹ̀ ṣùgbọ́n tí INR ń gòkè, kí wọ́n tètè wá ilé ìwòsàn ńlá, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tó kù láti bàjẹ́ ló ti dín kù.

Ọmọ_Láàbù_Abẹ́òkúta
Àǹtí, mẹ́dọ̀wú E ńkọ́? Èsì yín kò dárúkọ rẹ̀. Òun náà lè gbé ALT dé ibẹ̀ yẹn, omi ìdọ̀tí ló ń gbé e kiri. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ní oògùn ló ba ẹ̀dọ̀ ẹnì kan jẹ́, tí wọ́n wá rí E nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Wọ́n ní àwọn kò ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí.

Apòògùn_Bódìjà
Òótọ́ ni Ọmọ_Láàbù sọ. Láìyẹ E wò, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pátápátá. Kápúsù ló ṣì jọ jù lójú mi nítorí iye tó lò, ikùn òfìfo àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pamọ́ fún un nínú fíríìsà, bí ọ̀nà bá ṣí kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Títí_Sùúrùlérè
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ dákun, mo tọrọ àforíjì, n kò kà á dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Sà, mo ti ra kápúsù mìíràn, ti ata àti kaféènì. Mo ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn.

Apòògùn_Bódìjà
Títí àbúrò mi, gbé e sílẹ̀. Kaféènì ń wọ inú ọmú, ó sì ń dé ara ọmọ. Bí síbútíráámìnì bá wà nínú rẹ̀, ìwọ kò ní mọ̀, ọmọ náà kò sì lè sọ̀rọ̀. Gíríìn tíì ago kan tí o fi ewé ṣe, pẹ̀lú oúnjẹ, kò léwu fún ọ. Bí ara bá ṣì ń dùn ọ́ nípa sísanra, wá sọ́dọ̀ wa, ká jọ sọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà
Àbẹ̀kẹ́, mo ń gbàdúrà fún ọ. N kò ní sọ̀rọ̀ àgbo mọ́ títí wọ́n á fi ní ẹ̀dọ̀ rẹ ti yá. Ṣùgbọ́n apòògùn, àgbo tí bàbá àwọn ìbejì mu, òun náà yá.

Apòògùn_Bódìjà
Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ojú pípọ́n ló ń yá fúnra rẹ̀ bí ohun tó fà á bá ti lọ. Bóyá àgbo ló wò wọ́n, bóyá ọjọ́ ló wò wọ́n, èmi kò sí níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá mi sílẹ̀. INR 1.1 nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ALT 380, bilirúbíìnì 41. Ara ṣì ń yún mi, n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró láàárín. Lánàá tí í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ALT 44, bilirúbíìnì 14. Ìtọ̀ mi ti mọ́ bí omi. Ojú mi funfun.

A kò rí ibi tí wọ́n ti yẹ mẹ́dọ̀wú E wò. Kápúsù 38 ló kù nínú ìgò náà. Ọkọ mi kó o lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC pẹ̀lú ẹ̀dà èsì mi, wọ́n gbà á, wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀. Wọn kò tíì pè wá.

Àbúrò mi obìnrin náà ra ti ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Mo fipá mú un lọ. ALT 71. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é lára, ó ní mo ń dẹ́rù bà á lásán.

Apòògùn_Bódìjà
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣé àbúrò ti dá a dúró? Ìgbà wo ni yóò tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò?

Àbẹ̀kẹ́_Ìjù
Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la jọ ń lọ.